Sípù Tó Bàjẹ́: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Ká Wá Aṣọ Mìíràn?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n owó tó ti bá a lọ nínú ilé mi kò kéré rárá. Ọ̀rọ̀ sípù ni, èyí tí àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí iléèwé Faransé ń pè ní fẹmẹtíù.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà tí iléèwé fẹ́ wọlé, mo kó aṣọ ilé jọ sórí ẹní láti wo èyí tó yẹ ká tún ṣe. Mẹ́ta nínú wọn ni sípù wọn ti bàjẹ́. Èkíní ni ṣòkòtò kakí ọmọkùnrin mi, tó fi ń lọ sí iléèwé. Èkejì ni jákẹ́ẹ̀tì tí ọkọ mi ń wọ̀ lórí alùpùpù nígbà tó bá ń lọ sí Kútọnu ní ìdájí. Ẹ̀kẹta ni gáùn léèsì tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú, tí ọmọbìnrin mi fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ìbátan rẹ̀ ní Kétu. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò tó láti ra ìwé iléèwé kí n sì tún rán aṣọ tuntun. Mo jókòó ti aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ń wò wọ́n.

N kò ní fi pa mọ́ fún yín pé tẹ́lẹ̀rí, bí sípù bá ti kọ̀, ojú kan ṣoṣo ni mo fi ń wò ó: sípù ti bàjẹ́, aṣọ náà ti parí nìyẹn. Mo ti fi ṣòkòtò tó dára ṣe àkísà rí nítorí èyí. Bàbá aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa ní Àjàṣẹ́ ni ó là mí lójú. Nígbà tí mo gbé ṣòkòtò kakí náà tọ̀ ọ́ lọ, tí mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi fi sípù tuntun sí i," kò gba sípù tuntun lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ jókòó ná. Ta ló sọ fún yín pé sípù ló bàjẹ́?"

Ó fa sípù náà sókè. Ó gòkè dáadáa dé ìbàdí, ṣùgbọ́n bí ó ti ń gòkè, eyín tó ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kò so mọ́ra. Ó là sílẹ̀ gbayawu. Ó fà á wálẹ̀, ó tún fà á gòkè. Bákan náà ni. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ojú kan náà ló máa ń là sí, àbí gbogbo ibi tí irin yìí bá ti kọjá?" N kò mọ̀, n kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi fà á. Nígbà náà ni mo rí i pé gbogbo ojú ọ̀nà ló ń là, láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ó ní, "Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló máa ń là sí, eyín ibẹ̀ ló ní àrùn. Ṣùgbọ́n bí àlà náà bá ń tẹ̀lé irin yìí káàkiri, eyín kò jẹ̀bi. Orí sípù ló jẹ̀bi."

Orí sípù ni irin kékeré tí a ń fà lọ sókè sódò. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ní ẹnu méjì lókè, ẹnu kan ṣoṣo sì ni ó ní nísàlẹ̀. Eyín apá òsì gba ẹnu òsì wọlé, eyín apá ọ̀tún gba ẹnu ọ̀tún, wọ́n pàdé nínú rẹ̀, wọ́n sì jùmọ̀ gba ẹnu ìsàlẹ̀ jáde ní síso. Orí yìí ni ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ó ní pẹpẹ irin kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò sì gbọdọ̀ ju bí eyín ti nípọn lọ. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ti ń fà á, irin ń ha irin tàbí ọ̀rá ń ha irin, díẹ̀díẹ̀ ni àlàfo náà ń fẹ̀ sí i, pàápàá ní ìsàlẹ̀. Nígbà tó bá fẹ̀ jù, eyín á kàn gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà tí kò ní ìlẹ̀kùn. Kò sí ohun tó tẹ̀ wọ́n mọ́ra mọ́.

Bàbá mú ẹ̀mú kékeré kan, irú èyí tí àwọn oníná ń lò. Ó kọ́kọ́ fa orí sípù náà wálẹ̀ pátápátá. Ó wá fi ẹnu ẹ̀mú di ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ mú, ní ìsàlẹ̀ níbi ẹnu kan ṣoṣo yẹn, pẹpẹ iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, ó sì fún un díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o: bí ẹni fún ẹ̀wà sísè láàárín ìka láìfẹ́ kó fọ́. Ó ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bákan náà. Ó fà á wò. Ó so dé ìdajì, ó là. Ó tún fún un díẹ̀ sí i lápá méjèèjì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣòkòtò náà pa dé pátápátá.

Mo fẹ́ gbà á kí n máa lọ, ṣùgbọ́n ó ní kí n dúró gbọ́ ìyókù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyá ló ti padà wá bá a pẹ̀lú ìbínú. Ohun tí ó ṣe yẹn kì í pẹ́ títí. Irin tó ti hó kò tún lè nípọn mọ́. A kàn tẹ̀ ẹ́ padà ni. Ó lè gbé e fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì lè gbé e fún oṣù díẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í là. Èkejì ni pé irin tí a fi dà á kì í sábà fẹ́ kí a máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá fún un jù, yóò sán. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni pé a kì í fún òkè rẹ̀, níbi ẹnu méjì, nítorí pé bí ẹ bá ti há ọ̀nà tí eyín ń gbà wọlé, sípù náà kò ní lọ mọ́ rárá. Ọkọ mi gan-an ti ṣe èyí rí pẹ̀lú ẹ̀mú ńlá tó fi ń tún alùpùpù ṣe. Ẹ má bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ṣòkòtò yẹn.

Ohun tí yóò pẹ́ ni kí a pààrọ̀ orí nìkan. Bàbá ní agolo kan lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tó kún fún orí sípù tó ti tú lára aṣọ tó ti gbó. Ó yí ti ọmọ mi padà, ó sì fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí: 3. N kò mọ̀ pé nọ́ńbà wà níbẹ̀ rí, ẹ̀yin náà ẹ lọ wo tiyín. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí sípù ti tóbi tó, ó sì súnmọ́ iye mìlímítà tí ibú eyín rẹ̀ jẹ́ nígbà tó bá pa dé. Ti ṣòkòtò àti gáùn sábà máa ń jẹ́ kékeré bí 3 tàbí 4. Ti jákẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ 5, ti àpò ńlá sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò tó. Irú eyín mẹ́ta ló wà lọ́jà: eyín irin, eyín ọ̀rá líle tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí a fi okùn ọ̀rá kan ṣoṣo lọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Orí tí a ṣe fún eyín irin kì í bá okùn lílọ́ mu, kódà bí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ ra orí sípù lọ́jà, kó mú ti àtijọ́ dání.

Ó tú ìránṣọ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ibi tí sípù parí sí nínú ṣòkòtò náà, ó sì yọ irin pẹ́ńpẹ́ tó dènà níbẹ̀. Ó fa orí àtijọ́ já sísàlẹ̀. Ó wá fi ìdí sípù lápá òsì sínú ẹnu òsì orí tuntun, ti ọ̀tún sínú ẹnu ọ̀tún, ó sì rí i dájú pé àwọn méjèèjì dọ́gba kó tó fà á gòkè. Bí apá kan bá fi eyín méjì péré ṣáájú èkejì, gbogbo sípù náà yóò kákò, aṣọ yóò sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn èyí, ó fi òwú méjì tí a pa pọ̀ rán ìdí sípù náà ní ìdábùú, bí ìgbà mẹ́jọ lórí ara wọn, kí orí náà má baà tún já bọ́. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú ogún. Ọ̀ọ́dúnrún fáráǹkì ni mo san. Bí ó bá jẹ́ sípù odidi ni, ẹgbẹ̀rún kan ni kò bá gbà. Ṣòkòtò kakí tuntun, aṣọ àti owó ìránṣọ pọ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni wọ́n ti dá lé mi lọ́jà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n kó tó ṣe gbogbo èyí, ó ti kọ́kọ́ ṣe ohun kan tí mo gbàgbé láti sọ, òun gan-an ló sì yẹ kó ṣáájú. Ó gbé ṣòkòtò náà sókè sí ojú oòrùn, ó wo ìdí rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ sípù lápá méjèèjì, ó fi ìka fa aṣọ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń wo ihò abẹ́rẹ́ bóyá wọ́n ń la ojú. Ó wá bi mí pé, "Ọmọ náà ti ga tó báwo láti ọdún tó kọjá?" Mo ní ìdí rẹ̀ ṣì gbà á, ìpìlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣì ní aṣọ tí a lè tú sílẹ̀. Ó ní ó dára, nítorí pé àwọn ìyá kan máa ń gbé ṣòkòtò wá tí sípù rẹ̀ ń so dáadáa tó sì ń já ní àárín nígbà tí ọmọ bá jókòó. Irú sípù bẹ́ẹ̀ kò ní àrùn kankan. Ọmọ ló ti sanra ju aṣọ lọ. Kò sí sípù tuntun tí ẹ fi sí i tí kò ní já, ẹ kàn fi owó yín ṣòfò ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí, ẹ fa sípù náà dé nígbà tí aṣọ wà lórí ẹní. Bí ó bá dé tí ó sì dúró lórí ẹní, tó jẹ́ pé ara ọmọ nìkan ló ń já a, ẹ fún àbúrò rẹ̀ ní ṣòkòtò náà.

Jákẹ́ẹ̀tì ọkọ mi kò gba àkókò rárá. Sípù ti jákẹ́ẹ̀tì yàtọ̀, nítorí pé ó ń là pátápátá nísàlẹ̀: ọ̀pá kékeré kan wà ní apá kan, tí a máa ń kì bọ inú àpótí kékeré kan ní apá kejì kí a tó fà á. Àpótí náà ti fọ́, etí aṣọ tó di ọ̀pá mú sì ti ya, ó ń ṣe fúlẹ́fúlẹ́. Bí ibẹ̀ bá ti bàjẹ́, orí tuntun kò wúlò, nítorí pé kò sí ibi tí eyín méjèèjì yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní ìdọ́gba. Odidi sípù ni a ó pààrọ̀. Bàbá fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùnlélọ́gọ́ta, ó ní yóò tú aṣọ inú àti ti òde láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ lápá méjèèjì. Owó iṣẹ́ nìkan á ju iye tí jákẹ́ẹ̀tì tó ti lò rí ń lọ lọ́jà. Ìyẹn kò bá ti burú bí jákẹ́ẹ̀tì náà bá dára, ṣùgbọ́n awọ àfiṣe ni, ó sì ti ń ṣí kúrò ní èjìká bí èèpo iṣu. Ọkọ mi ń ṣàròyé pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ti fi yín sílẹ̀." A gé orí sípù rẹ̀ sínú agolo. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5, eyín rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá líle. Kò lè wúlò fún ṣòkòtò ọmọ mi láéláé, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè wá a.

Ó wá ku gáùn ìyá mi.

Ọdún 1983 ni wọ́n rán an, léèsì aláwọ̀ ewé pẹ̀lú aṣọ inú tí ó ń dán, sípù rẹ̀ sì wà lẹ́yìn láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ìbàdí. Eyín idẹ ni. Nígbà tí mo yọ ọ́ nínú àpótí, sípù náà ti gan: kò lọ sókè, kò lọ sódò. Ohun tí mo ṣe sí gáùn rẹ̀ mìíràn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni mo rántí. Ìyẹn náà gan bẹ́ẹ̀, mo sì fi agbára fà á, aṣọ inú tó ti há sínú rẹ̀ ya, mo wá gbé e lọ bá aránṣọ kan tó kù díẹ̀ káàtó tó ní òun á fi sípù tuntun sí i. Bí ó ti ń tú ìránṣọ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni léèsì ń tẹ̀lé òwú jáde. Ẹ̀yìn gáùn náà di ihò. N kò sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi títí di òní. Méjì péré ni gáùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi.

Nítorí náà ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo gbé èkejì lé orí tábìlì Bàbá. Ó kọ́kọ́ wo ohun tó mú un gan. Ohun méjì ló wà níbẹ̀. Aṣọ inú ti bọ́ sínú orí sípù, èyí kò sì ṣòro: kò fà á gòkè, ó dì aṣọ náà mú pẹrẹsẹ, ó ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára eyín, ó sì ń ti orí sípù padà sí ibi tó ti wá, ìwọ̀n eyín kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ń fi ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ gbé aṣọ náà jáde. Ohun kejì ni pé idẹ náà ti hu ohun tútù bí ewé, bí idẹ ti máa ń ṣe níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ sí, ọ̀rinrin ọ̀sà wa ní Àjàṣẹ́ níbí kò sì kéré. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbọ̀n ọ́n nù, ó tẹ́ ìwé sábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà kun léèsì. Lẹ́yìn náà ó fi àbẹ́là funfun pa eyín náà níwájú àti lẹ́yìn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní mo rò pé òróró ni a ń fi sí i. Ó bojú wò mí. Òróró á wọ inú aṣọ, á pọ́n ọn, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn oṣù kan sípù á tún gan ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àbẹ́là, tàbí ọṣẹ gbígbẹ, tàbí ẹnu kírẹyọ́n àwọn ọmọ iléèwé fún eyín irin lára aṣọ dúdú, ni ó dára.

Sípù náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fà á dé òkè, ojú kan là ní ìsàlẹ̀. Ó fà á wálẹ̀, ó tún fà á; ojú kan náà. Mo ti mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí báyìí: eyín ni. A wò ó, eyín méjì ti já kúrò ní apá ọ̀tún, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí ìdí.

Bí ó bá jẹ́ àárín tàbí òkè ni eyín ti já, kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí a pààrọ̀ odidi sípù lọ. Bàbá gbé ẹ̀yìn gáùn náà sí ojú iná, ó sì fi èékánná fa léèsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípù. Òwú rẹ̀ la ojú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tútù ara idẹ yẹn ti wọ inú rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá tú ìránṣọ yìí, gáùn yìí ti lọ nìyẹn. Aṣọ yìí lè gbé sípù tó wà lára rẹ̀, kò lè gbé òmíràn." Mo dákẹ́. Ó wọn sípù náà: àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Ó ní kí ọmọbìnrin mi wá.

Nígbà tí ọmọ náà dé, Bàbá ní kí wọ́n wọn ìbàdí rẹ̀ àti ibi tí gáùn náà fẹ̀ dé bí sípù bá là dé ibi eyín tó já nìkan. Ìyàwó rẹ̀ ló mú un wọ inú yàrá, ó ní ó gbà á bí ó bá gba orí wọ̀ ọ́, tó sì kọ́kọ́ na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bàbá wá fa orí sípù náà wálẹ̀ kọjá ibi àlàfo, ó mú eyín apá méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú ìka, ó sì fà á gòkè jẹ́jẹ́ títí tó fi kọjá àlàfo náà pẹ̀lú ìwọ̀n eyín mẹ́rin, níbi tí síso rẹ̀ ti dára. Níbẹ̀ ló fi òwú aláwọ̀ ewé méjì rán eyín náà ní ìdábùú, ìgbà mẹ́wàá, ó ń gba inú etí aṣọ sípù nìkan, abẹ́rẹ́ kò kan léèsì rárá. Ibi tí orí sípù ń dúró sí nísàlẹ̀ ti di òkè àlàfo. Kò lè lọ bá ibi tó bàjẹ́ mọ́. Ó fi ọwọ́ rán ojú là tó wà nísàlẹ̀ pa. Sípù tó jẹ́ àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà di mẹ́tàlélógójì. Ó tún fi ọwọ́ rán etí aṣọ inú mọ́lẹ̀ kúrò lọ́nà orí sípù, kí ó má baà tún há.

Ó ní kí n má ṣe fi gáùn náà fún alágbàfọ̀. Kí n fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́, kí sípù rẹ̀ wà ní pípa dé nígbà tí mo bá ń fọ̀ ọ́, nítorí pé eyín tó là ń fi ara kọ́ aṣọ tó wà nínú omi, òun náà ń tẹ̀. Kí n sì gbé e gbẹ pátápátá kó tó padà sínú àpótí. Ó ní ti ṣòkòtò kakí pẹ̀lú, kí a má jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbígbóná gba orí sípù ọ̀rá rẹ̀ kọjá, nítorí pé ibi tó bá ti yọ́, kódà bí ó kéré bí orí ìṣáná, kò tún lè so mọ́.

A lọ sí Kétu. Ọmọ mi jó láti ọ̀sán títí di alẹ́, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe nítorí ijó, nítorí sípù ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àgbà dé, ó di ẹ̀yìn gáùn náà mú, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé ti Màmá kọ́ nìyí?" Mo ní tiwọn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Èkejì wá ńkọ́?"

Mo sọ fún un.